Wọ́fárìn, mẹtifọ́mìn àti oúnjẹ aláìsàn: bí a ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò nígbà àyẹ̀wò

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò oúnjẹ fún aláìsàn, a máa ń kọ orúkọ oògùn rẹ̀ sí igun ìwé, a ó sì kọjá sórí oúnjẹ. Orúkọ lásán kò ṣe wá láǹfààní. Oògùn tí oúnjẹ lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wà, oògùn tó lè ba èròjà oúnjẹ jẹ́ lára náà wà, ìbéèrè tó sì yẹ ká bi ẹni tó ń lo ọ̀kan yàtọ̀ sí ti ìkejì.

Wọ́fárìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti mẹtifọ́mìn, oògùn àtọ̀gbẹ, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí àwọn méjèèjì wọ́pọ̀, ọ̀nà wọn sì jìnnà síra. Ti wọ́fárìn, ìyípadà ló ń fa wàhálà: kí ni aláìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, kí ló sì pa tì, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn? Ti mẹtifọ́mìn, pípẹ́ ló ń fa wàhálà: ọdún mélòó ló ti ń lò ó, mílígíráàmù mélòó sì ni lójúmọ́? Ẹni tó bá béèrè nípa pípẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lo wọ́fárìn, tó sì béèrè nípa ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan lọ́wọ́ ẹni tó ń lo mẹtifọ́mìn, yóò kọ ìwé àyẹ̀wò tó kún fọ́fọ́, kò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo kọ èyí fún onímọ̀ oúnjẹ, nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jókòó ti aláìsàn. Iṣẹ́ tiwa ni ká rí i, ká kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, ká sì fi tó ẹni tó ń kọ oògùn létí. A kì í dín oògùn kù fún aláìsàn, a kì í fi kún un, a kì í sì í ní kó dá a dúró.

Àpẹẹrẹ kan la ó máa tẹ̀lé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wá, ọmọ ọdún 67. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ń bá a fínra, ó sì ń lo mẹtifọ́mìn 1,000 mílígíráàmù láàárọ̀ àti lálẹ́ láti ọdún 9. Ó ń lo omipirasóòlù 20 mílígíráàmù nítorí àyà títa, láti ọdún 4. Ní oṣù 7 sẹ́yìn, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, wọ́n sì fi wọ́fárìn 5 mílígíráàmù kún un kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì lọ sí ọpọlọ. Dókítà fi ìyá náà ránṣẹ́ sí wa nítorí HbA1c rẹ̀, àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti rí láti oṣù mélòó kan hàn, tó jẹ́ 8.4%. Ohun kan ṣoṣo tó wà lórí ìwé tó mú wá ni pé ká bá a tún oúnjẹ rẹ̀ tò nítorí ṣúgà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kó oògùn jọ, kí ẹ sì kọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀

Ẹ ní kí aláìsàn kó gbogbo ohun tó ń lò wá sínú àpò kan, títí kan èyí tí kò kà sí oògùn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ, ìwọ̀n, oṣù àti ọdún tó bẹ̀rẹ̀, àti bó ṣe ń lò ó gan-an. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí ohun tí a kọ sára páálí oògùn àti ohun tí aláìsàn ń ṣe nílé kì í fìgbà gbogbo bára mu. Bí kò bá rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ so ó mọ́ nǹkan tó rántí: ṣé wọ́n ti bí àbúrò ọmọ-ọmọ yẹn nígbà náà? Ṣé ẹ ti fẹ̀yìn tì? Ọdún tí a fojú bù sàn ju àlàfo lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí kò sí nínú àpò: fítámì tí a rà láìsí ìwé dókítà, egbòogi, tíì olóògùn, ohun mímu aṣaralóore inú agolo. Bí ẹ bá béèrè pé, "Ṣé ẹ ń lo egbòogi?" ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé rárá, nítorí wọ́n rò pé ẹ fẹ́ bá àwọn wí. Ẹ gbé e gba ibòmíràn: "Mà, yàtọ̀ sí èyí tí dókítà kọ, kí ni ẹ tún ń mu tí ara yín fi ń le?" Ìyá àpẹẹrẹ wa dáhùn pé òun kò lo nǹkan mìíràn, àfi fítámì alápapọ̀ kan tí ọmọ òun rà ní oṣù tó kọjá. Ó mú ìgò náà jáde. Ẹ gba ìgò, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Èròjà méjì lẹ ń wá níbẹ̀, fítámì K àti fólíìkì ásíìdì, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn níwájú. Nínú ìgò tirẹ̀, fítámì K wà níbẹ̀, 25 máíkírógíráàmù nínú hóró kan. Fólíìkì ásíìdì náà wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Wọ́fárìn, kí ló yí padà?

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe àwọn èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mẹ́rin nínú wọn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí fítámì K. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti lo fítámì K tán lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dọ̀tun kó tó lè tún un lò, ibi ìsọdọ̀tun yìí gan-an sì ni wọ́fárìn ti ń dí i lọ́wọ́. Nítorí náà, bí fítámì K púpọ̀ bá ń wọlé láti inú oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ rí tuntun lò, agbára wọ́fárìn a sì dín kù. Bí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, agbára rẹ̀ a pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. INR ni àyẹ̀wò tó ń fi èyí hàn. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lo wọ́fárìn, àárín 2 sí 3 ni dókítà ń fẹ́ kó wà, ó sì ga díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ pààrọ̀ ilẹ̀kùn ọkàn wọn. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bó bá gòkè jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ti gbọ́ pé ẹni tó ń lo wọ́fárìn kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀fọ́. Ìmọ̀ràn yìí kò dára, ó sì ń dùn mí pé mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀. Ẹni tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ fítámì K rárá ni INR rẹ̀ máa ń fò sókè fò sílẹ̀ jù, nítorí kò ní ohun ìpamọ́ kankan: àwo ẹ̀fọ́ kan péré tó bá jẹ níbi àsè lè yí èsì rẹ̀ padà. Dókítà ń wọn wọ́fárìn mọ́ oúnjẹ tí aláìsàn ń jẹ. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí oúnjẹ náà má yàtọ̀ púpọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè "Ṣé ẹ máa ń jẹ ẹ̀fọ́?" kò fi ní ìtumọ̀. Gbogbo ènìyàn ni yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ béèrè nípa ìgbà méjì, kí ẹ sì fi wọ́n wé ara wọn.

"Mà, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mélòó lẹ jẹ ẹ̀fọ́ ewé?"

"Ojoojúmọ́ ni."

"Oṣù méjì sẹ́yìn ńkọ́?"

"Háà, nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, ọmọ mi. Àmọ́ wọ́n dá wa lẹ́kọ̀ọ́ níbi ìpàdé àwọn alátọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Mo ń ṣe bí wọ́n ṣe wí."

Ẹ gbé ife ìdiwọ̀n síwájú rẹ̀, kó fi ọwọ́ hàn yín ibi tí ẹ̀fọ́ náà máa ń dé lẹ́yìn tó bá ti jinná. Tẹ́lẹ̀, ìdajì ife ni lẹ́ẹ̀kan. Nísinsìnyí, ife kan gbáko ni lójúmọ́. Sípínáàṣì ló fẹ́ràn jù. Ìdajì ife sípínáàṣì sísè ní nǹkan bí 440 máíkírógíráàmù fítámì K. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 880. Nísinsìnyí, ife kan jẹ́ nǹkan bí 880 lóòjọ́. Ohun tó ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ ló ti di oúnjẹ ọjọ́ kan ṣoṣo. Lára ohun tí à ń sọ yìí, ẹ rántí pé 90 máíkírógíráàmù lóòjọ́ ni ìwọ̀n tí a kà sí pé ó tó fún obìnrin àgbà, 120 sì ni fún ọkùnrin.

Ẹ má fi ìṣirò yìí ṣe ju bó ṣe yẹ lọ. Ewé yàtọ̀ síra, ọ̀rá tí a fi sè é ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ ara, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìfun ń gbà. Ìlọ́po méje ni ohun tó yẹ kí dókítà gbọ́, máíkírógíráàmù kọ̀ọ̀kan kò pọn dandan. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ewé tó dúdú bọ̀lọ̀jọ̀ ló lọ́rọ̀ jù, bùrókólì àti kábéèjì tẹ̀ lé e, nígbà tí kárọ́ọ̀tì, tòmátò àti àlùbọ́sà kò ní púpọ̀. Bí aláìsàn bá sọ pé òun fi kún ẹ̀fọ́, tó sì jẹ́ pé kárọ́ọ̀tì ló fi kún, kò yí nǹkan púpọ̀ padà. Òróró sóyà náà ní fítámì K díẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè bí òróró ìdáná bá ti yí padà.

Lẹ́yìn ẹ̀fọ́, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin mìíràn, nítorí oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń ti INR. Ẹ̀kíní, ṣé ó gbàgbé wọ́fárìn lọ́jọ́ kankan? Èyí ló yẹ kó ṣáájú kí ẹ tó di ẹ̀bi ru ẹ̀fọ́, torí òun ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀kejì, ṣé wọ́n fún un ní oògùn tuntun? Rifampisínì àti kabamasipínì máa ń fa INR sílẹ̀, mẹtironidasóòlù àti kotirimosasóòlù sì máa ń tì í sókè. Ẹ̀kẹta, ṣé ó ṣàìsàn tí kò fi lè jẹun, tàbí ṣé ìgbẹ́ gbuuru mú un? Ọjọ́ mélòó kan láìjẹun tó láti gbé INR ga. Ẹ̀kẹrin ni egbòogi àti ọtí. Egbòogi tí wọ́n ń pè ní Sénti Jọ́ọ̀nù Wọ́ọ̀tì ń fa INR sílẹ̀ gan-an. Oríṣi mìíràn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè máa ya. Bí ẹ kò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí aláìsàn ṣe pè é, kí ẹ sì bi apoògùn.

Ìyá wa kò gbàgbé oògùn kankan, kò gba oògùn tuntun, kò ṣàìsàn. INR rẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ni 2.4, 2.6 àti 2.5. Èyí tí wọ́n gbà ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, tó wà nínú ìwé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá a sọ, ni 1.6. Ìpàdé alátọ̀gbẹ náà ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìgò fítámì náà sì wọlé ní oṣù kan náà. Ẹ̀fọ́ ló jọ pé ó ṣe é jù, hóró fítámì tó ní 25 máíkírógíráàmù kéré sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kọ méjèèjì.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Kò sí ẹni tó ṣe aláìdáa. Ìmọ̀ràn tó dára fún àtọ̀gbẹ ló ba wọ́fárìn pàdé. Èyí túmọ̀ sí pé ìmọ̀ràn tí àwa fúnra wa fẹ́ fún aláìsàn lónìí náà gbọ́dọ̀ gba inú àyẹ̀wò yìí kọjá. Kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi kún ẹ̀fọ́, kó dín oúnjẹ kù, tàbí kó máa mu ohun mímu aṣaralóore, mo máa ń wo ìwé oògùn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ń wá wọ́fárìn.

Ìgbésẹ̀ 3: Mẹtifọ́mìn, ó ti pé ọdún mélòó?

Níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò wúlò, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni mẹtifọ́mìn ń dín fítámì B12 kù nínú ara. Fítámì B12 tó wà nípamọ́ nínú ara, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀, tó mílígíráàmù 2 sí 5, bẹ́ẹ̀ máíkírógíráàmù 2.4 ni àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Ìpamọ́ yẹn lè gbé ènìyàn fún ọdún púpọ̀ kó tó gbẹ. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò B12 tó dára ní ọdún kejì mẹtifọ́mìn kò fi sọ nǹkan kan nípa ọdún kẹsàn-án.

Ọ̀nà tí B12 ń gbà wọ ara gùn, ó sì dára ká mọ̀ ọ́n, torí ibẹ̀ ni a ti ń rí ìdí tí oògùn kan fi ń fi kún ìpalára èkejì. Nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà, B12 máa ń lẹ̀ mọ́ púrótéènì. Omi kíkan inú ikùn ló ń tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èròjà kan tí ikùn ń ṣe yóò gbá a mú, yóò sì mú un lọ títí dé ìparí ìfun kékeré, níbi tí ìfun ti ń gbà á wọlé. Ìgbàwọlé yìí nílò kálísíọ̀mù, ibẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ gbà pé mẹtifọ́mìn ti ń ṣe ìdíwọ́. Omipirasóòlù ń dín omi kíkan kù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, mẹtifọ́mìn ń dí ẹnu ọ̀nà ní ìparí. Ẹni tó ń lo méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kì í sì í jẹ ẹran tàbí ẹja púpọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, MHRA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé kí dókítà yẹ B12 wò lára ẹni tó ń lo mẹtifọ́mìn tí àmì àìtó B12 bá hàn lára rẹ̀, kí wọ́n sì ronú nípa àyẹ̀wò lóòrèkóòrè fún àwọn tí ewu wọn pọ̀. Ìwọ̀n tó pọ̀ àti ìlò tó pẹ́ wà lára ewu tí wọ́n dárúkọ. Níbi iṣẹ́ tèmi, ọdún 4 ni mo fi ṣe ààlà: ẹnikẹ́ni tó bá ti lò ó tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí èsì B12 ọdún yìí nínú ìwé rẹ̀, mo máa ń béèrè fún un. Bí omipirasóòlù bá wà níbẹ̀, tàbí tí aláìsàn kì í jẹ ohun tó ti ara ẹran wá, tàbí tí wọ́n ti gé lára ikùn tàbí ìfun rẹ̀, n kì í dúró de ọdún 4.

Lẹ́yìn ọdún àti ìwọ̀n, ẹ béèrè ohun tó ń jẹ. Ẹran tí ìyá wa ń jẹ kò tó nǹkan mọ́ nítorí eyín rẹ̀. Ó ń jẹ ẹyin kan lọ́sẹ̀, ẹja ní ẹ̀ẹ̀kan. Wàrà kì í bá inú rẹ̀ lára mu. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nípa ara.

"Mà, ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ó máa ń kú, tàbí kó máa ta yín bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un?"

"Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún kan àbọ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni."

Ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ lóòótọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àtọ̀gbẹ àti àìtó B12 máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ lọ́nà tó jọra débi pé ẹnu aláìsàn nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí pé ó ní àtọ̀gbẹ, gbogbo ènìyàn gbà pé a ti mọ ìdí, kò sì sí ẹni tó wádìí mọ́. Àwọn àmì kan wà tó yẹ kó mú kí ẹ ronú nípa B12 sí i: ọwọ́ tó ti ń kú nígbà tí ti ẹsẹ̀ kò tíì pẹ́, ẹsẹ̀ tí kò dúró ṣinṣin nínú òkùnkùn tàbí nígbà tó bá di ojú láti fọ̀ ọ́, ahọ́n tó ń dun ènìyàn tó sì ń dán, ìgbàgbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kankan nínú wọn kò bá sí, kò túmọ̀ sí pé B12 tó. Ní ti ìyá wa, ahọ́n rẹ̀ ti ń ta á láti oṣù mélòó kan. Ó rò pé ata ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Kíka èsì àyẹ̀wò, láìjẹ́ kí nọ́ńbà kan tàn yín

A béèrè fún àyẹ̀wò, èsì sì dé: ẹ̀jẹ̀ pupa 11.2 g/dL, MCV 97, B12 182 pg/mL. Ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. MCV, tó ń sọ bí hóró ẹ̀jẹ̀ ṣe tóbi tó, wà ní ibi tó yẹ, nítorí 80 sí 100 la sábà ń kà sí déédéé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. A ti kọ́ wa pé àìtó B12 ń mú kí hóró ẹ̀jẹ̀ tóbi, nítorí náà a rí MCV tó dára, a sì pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n iṣan lè ti máa bàjẹ́ kí hóró ẹ̀jẹ̀ tó tóbi. Bí irin kò bá sì tó nínú ara ẹni kan náà, hóró rẹ̀ á kéré, àìtó B12 á fẹ́ kó tóbi, MCV á wá dúró sáàárín bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Fólíìkì ásíìdì tún lè bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó lè tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, kí iṣan sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ ka ẹ̀yìn ìgò fítámì. Kí ẹ tó gba aláìsàn bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn láti lo fólíìkì ásíìdì, ẹ rí i dájú pé wọ́n ti wo B12.

Nípa B12 fúnra rẹ̀, tó bá wà lábẹ́ 200 pg/mL, àìtó ni a sábà ń pè é. Láàárín 200 sí 300, ẹ má sọ pé ó dára. Dókítà lè béèrè fún àyẹ̀wò ásíìdì mẹtilimalóníìkì, èyí tó máa ń gòkè nígbà tí B12 kò bá tó fún iṣẹ́ inú ara. Ẹ wo èsì kíndìnrín rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, nítorí kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa náà lè gbé e ga. Gbogbo ilé àyẹ̀wò kọ́ ló ń lo ààlà kan náà, ẹ wo èyí tí tiyín kọ sí ẹ̀gbẹ́ èsì. Ti ìyá wa, 182, kò sí lágbedeméjì.

Nǹkan kan ṣì kù tó kan ìdí tí wọ́n fi rán an sí wa. Àìtó B12 lè mú kí HbA1c ga ju bí ṣúgà ṣe rí gan-an lọ, torí hóró ẹ̀jẹ̀ ń pẹ́ nínú ara jù. Nítorí náà, kí ẹ tó gé oúnjẹ rẹ̀ kù nítorí 8.4%, ẹ wo ṣúgà tó ń yẹ̀ wò nílé. Bí èyí kò bá bá HbA1c mu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì tún HbA1c yẹ̀ wò lẹ́yìn ìtọ́jú B12.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí a ṣe ń fi tó dókítà létí

Ọ̀rọ̀ INR 1.6 kò lè dúró de ìwé. Ẹ pe dókítà tàbí ibi tí wọ́n ti ń bójú tó wọ́fárìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. B12 lè lọ pẹ̀lú ìwé, ṣùgbọ́n kó má kọjá ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí ẹsẹ̀ tó ń kú wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé náà kúrú, kó ní ọjọ́ àti ìwọ̀n, kó sì sọ ohun tí ẹ ń béèrè:

"INR 1.6, mẹ́ta tó ṣáájú wà láàárín 2.4 sí 2.6. Ẹ̀fọ́ ewé ti pọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 7 láti ọ̀sẹ̀ 4 sẹ́yìn, lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí àtọ̀gbẹ. Fítámì alápapọ̀ tó ní fítámì K 25 máíkírógíráàmù àti fólíìkì ásíìdì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan náà. Kò gbàgbé wọ́fárìn, kò sí oògùn tuntun. Aláìsàn fẹ́ máa jẹ ìdajì ife ẹ̀fọ́ lójúmọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọn wọ́fárìn mọ́ ìyẹn. Mẹtifọ́mìn 2,000 mílígíráàmù lóòjọ́ fún ọdún 9, omipirasóòlù fún ọdún 4. Ẹsẹ̀ méjèèjì ń kú, ahọ́n ń ta á. B12 182 pg/mL, MCV 97. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìtọ́jú B12. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ rántí pé ó ń lo wọ́fárìn."

Gbólóhùn méjì nínú rẹ̀ nílò àlàyé. Èkíní ni ìdajì ife lójúmọ́. A ti bá ìyá náà sọ̀rọ̀ kí a tó kọ ọ́: kí ló rò pé òun lè máa jẹ lójúmọ́ láìsú? Ohun tó yàn ló wà níbẹ̀. Ewu tó wà níbí ni kí dókítà fi kún wọ́fárìn nítorí INR tó lọ sílẹ̀, kí àwa náà sì sọ fún aláìsàn lọ́jọ́ kan náà pé kó pa ẹ̀fọ́ tì. Àtúnṣe méjèèjì yóò pàdé, INR yóò sì fò kọjá 3. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí oúnjẹ, kí wọ́n tó fọwọ́ kan oògùn, kí aláìsàn má sì yí ohunkóhun padà títí dókítà yóò fi dáhùn.

Èkejì ni abẹ́rẹ́. Nígbà tí iṣan bá ti ń bàjẹ́, dókítà sábà máa ń yan abẹ́rẹ́ B12, inú ẹran ara ni wọ́n sì sábà ń gún un sí. Ara ẹni tó ń lo wọ́fárìn lè ṣẹ̀jẹ̀ sínú ẹran yẹn. Ọ̀nà mìíràn wà: àwọn oríṣi B12 kan ṣeé gún sábẹ́ awọ, hóró ẹnu 1,000 máíkírógíráàmù náà sì wà, torí nínú ìwọ̀n tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún máa ń wọ ara láìgba ọ̀nà tí mẹtifọ́mìn dí. Dókítà ni yóò yàn. Ìwé tiwa ni kó jẹ́ kó rántí wọ́fárìn kó tó yàn.

Kí ìyá náà tó dìde, ẹ sọ fún un ohun tó yẹ kó mú un sáré lọ sílé ìwòsàn láìdúró de ìpè wa: ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ lójijì, ọ̀rọ̀ tí kò já geere mọ́, ìtọ̀ tó pupa, ìgbẹ́ tó dúdú kirikiri, ẹ̀jẹ̀ imú tàbí ti èrìgì tí kò dá, orí tó fọ́ gan-an lẹ́yìn ìṣubú. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé kó má fọwọ́ ara rẹ̀ dá mẹtifọ́mìn dúró. Bí B12 bá ní ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá a lọ láti lo mẹtifọ́mìn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìgbà tí a ó tún wò ó

Wọ́fárìn kì í pẹ́ kó tó fèsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà mẹ́rin inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ń pẹ́ tó ọjọ́ 2 sí 3 kó tó dín kù dé ìdajì, nítorí náà INR ọjọ́ kejì kò tíì sọ òótọ́ tán. Dókítà ni yóò yan ọjọ́ tí wọ́n ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sábà máa ń jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Iṣẹ́ tiwa ní ọjọ́ náà ni ká béèrè ẹ̀fọ́ kí a tó wo èsì, kí nọ́ńbà má bàa darí ìbéèrè wa. Ṣé ìdajì ife ni lóòótọ́? Ọjọ́ mélòó nínú méje? Ó sì dára ká bá a ṣètò ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá: bí kò bá lè jẹun fún ọjọ́ méjì, kó pe ibi tí wọ́n ti ń bójú tó wọ́fárìn rẹ̀.

Ti B12, ẹ fún un ní sùúrù. Ẹ̀jẹ̀ pupa sábà máa ń padà sípò ní nǹkan bí oṣù méjì. Iṣan ń gba oṣù púpọ̀, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ pẹ́ lè má padà tán, ó yẹ kí aláìsàn gbọ́ èyí lẹ́nu wa ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gba abẹ́rẹ́, B12 inú ẹ̀jẹ̀ yóò ga fíofío fún ìgbà díẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ wo ẹsẹ̀, ahọ́n àti ẹ̀jẹ̀ pupa dípò rẹ̀. Ní oṣù kẹta, ẹ béèrè HbA1c tuntun, kí ẹ tó wá jókòó lórí ètò oúnjẹ àtọ̀gbẹ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán an wá.

Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń lo mẹtifọ́mìn, ohun tó gbẹ B12 rẹ̀ kò tíì lọ. Ẹ kọ oṣù àti ọdún àyẹ̀wò B12 tó kàn sí iwájú ìwé rẹ̀, ní ibi tí ẹni tó bá máa rí i lẹ́yìn yín yóò ti kọ́kọ́ kà á, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ẹ̀fọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọ́fárìn nínú àkọsílẹ̀ oògùn, kì í ṣe ní apá oúnjẹ nìkan.